Jẹ́ kí ìkookò máa tẹ̀lé akọni, má jẹ́ kí ó bá a dé

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Géèmù ìjà kan ni mò ń fi Godot ṣe. Igbó tí akọni ti ń bẹ̀rẹ̀ ń dùn ní ìpele 1 sí 5, ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá padà síbẹ̀ ní ìpele 20, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń fi idà gé ìkookò tí yóò fi kú. Mo wá ní kí ìpele ìkookò máa bá ti akọni dọ́gba nígbà gbogbo. Ní báyìí, àwọn tó ń bá mi dán an wò ní kò sí ìdí láti máa gun ìpele mọ́. Èwo ni kí n ṣe?*

Àbúrò mi, má tíì da ohun tí o ṣe yẹn nù. Kì í ṣe pé ọ̀tá ń tẹ̀lé akọni ló ba eré jẹ́, bí kò ṣe pé ó ń tẹ̀lé e ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ó yẹ kí ìkookò máa dàgbà, ṣùgbọ́n kí ìdàgbà rẹ̀ máa lọ́ra ju ti akọni lọ, kí ó sì ní ibi tí yóò ti dúró. Ẹ̀mí rẹ̀ àti eyín rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ máa dàgbà ní ìwọ̀n kan náà. Mo máa fi nọ́ńbà ṣàlàyé rẹ̀ títí yóò fi yé ọ. Àmọ́ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ géèmù kan, nítorí ohun tí àwọn tó ń bá ọ dán tìrẹ wò ń sọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ ọ́ nípa géèmù yẹn.

Oblivion ni, ẹ̀kẹrin nínú àwọn géèmù The Elder Scrolls, tí Bethesda gbé jáde ní ọdún 2006. Wọ́n fẹ́ kí ènìyàn lè gba ibi tó bá wù ú láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má sí ibi tí yóò ti le jù tàbí rọ̀ jù. Nítorí náà wọ́n so ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọ̀tá mọ́ ìpele akọni. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ṣe é. Èkíní, bí ìpele akọni bá ti ń ga, wọ́n á fi ẹranko tó le ju ti tẹ́lẹ̀ rọ́pò èyí tó wà lójú ọ̀nà: ìkookò àti eku á máa dínkù, béárì àti Minotaur á máa yọjú. Èkejì, àwọn ọ̀tá kan wà tí ìpele tiwọn gan-an jẹ́ ìpele akọni, tí ẹ̀mí wọn á sì máa pọ̀ sí i láìdúró.

Ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ni pé ayé inú géèmù náà kò bójú mu mọ́. Ọlọ́ṣà kan á dá ọ dúró lójú ọ̀nà, á ní kí o san góòlù 100 tàbí kí o kú, ó sì wọ ìhámọ́ra Glass tí iye owó rẹ̀ ju góòlù 100 lọ fíìfíì. Ẹni tó ní irú aṣọ yẹn lọ́rùn kò yẹ kó máa jalè lójú ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn ló rántí ọlọ́ṣà yìí, ṣùgbọ́n lójú tèmi kì í ṣe òun ni àrùn náà gan-an. Àrùn náà wà nínú ohun tí wọ́n fi ń ka ìpele.

Nínú Oblivion, iṣẹ́ ọwọ́ 21 ló wà tí akọni lè mọ̀, méje nínú wọn ni ìwọ yóò yàn gẹ́gẹ́ bí olórí iṣẹ́ rẹ. Tí àwọn méje yìí bá ti sún síwájú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lápapọ̀, tí o sì sùn, ìpele rẹ á gòkè. Ìṣòwò wà nínú àwọn 21 yẹn. Ọ̀rọ̀ sísọ àti eré sísá náà wà níbẹ̀. Wàyí o, gbà pé ẹnì kan yan irú iṣẹ́ báyìí, tí ó ń tà, tí ó ń rà, tí ó ń sáré káàkiri ìlú. Ìpele rẹ̀ á máa gòkè bí ẹni tó ń jagun, ṣùgbọ́n idà rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọmọdé. Àwọn ọ̀tá kò mọ̀ pé oníṣòwò ni. Ìpele nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì le sí i. Ẹni yìí ń dàgbà nínú ìwé, ó ń di aláìlágbára lójú ìjà.

Ohun mìíràn tún so mọ́ ọn. Nígbà tí ìpele bá gòkè, agbára ara, ìfaradà àti àwọn yòókù lè fi 1 sí 5 pọ̀ sí i. Kí o tó rí 5 gbà lórí ọ̀kan, iṣẹ́ ọwọ́ tó jẹ mọ́ ọn gbọ́dọ̀ ti sún síwájú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìpele kan sí èkejì. Ẹni tí kò mọ èyí á máa gba 2, 2, á wá bá a pé ní ìpele 15 àwọn ọ̀tá ti fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á máa fi ìwé àti bíírò ka gbogbo ohun tó ń ṣe. Àwọn mìíràn mọ̀ọ́mọ̀ ń yan iṣẹ́ tí wọn kò ní lò bí olórí iṣẹ́, kí ìpele wọn má bàa gòkè nígbà tí wọn kò fẹ́. Àwọn kan kò tilẹ̀ sùn rárá, kí ayé lè dúró ní ìpele 1.

Àmì yẹn ni kí o máa wá nínú géèmù tìrẹ. Tí ẹni tó gbọ́n jù bá ti ń sá fún ìdàgbà, ìwọ̀n rẹ ti dojú rú. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ nínú Final Fantasy VIII ní ọdún 1999. Níbẹ̀, ìpele ọ̀tá ń tẹ̀lé àròpọ̀ ìpele ẹgbẹ́ rẹ tí a pín dọ́gba, ṣùgbọ́n inú idán tí o so mọ́ ara akọni ni agbára gidi ti ń wá. Ọ̀nà sì wà láti sọ ọ̀tá di káàdì láìgba ìrírí, ìyẹn máàkì tó ń gbé ìpele ga, lára rẹ̀. Àwọn tó mọ eré náà dáadáa á máa kó idán jọ, wọ́n á máa sọ ọ̀tá di káàdì, wọ́n á wà ní ìpele kékeré, wọ́n á sì máa fi ọ̀tá tó rọ̀ ṣeré.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo ní fún ọ kí o tó fọwọ́ kan kóòdù kankan ni pé: níbo ni akọni rẹ ti ń rí ìpele? Tí ó bá jẹ́ inú ìjà nìkan, kò sí wàhálà. Tí ẹja pípa, oúnjẹ sísè tàbí ọ̀rọ̀ sísọ bá ń gbé ìpele yẹn ga, ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ tí ìjà nìkan ń gbé ga, kí àwọn ọ̀tá máa wo ìyẹn. Má jẹ́ kí ìkookò mọ̀ pé akọni ti di ọ̀gá nínú ẹ̀fọ́ sísè.

Nígbà tí Bethesda ṣe Skyrim ní ọdún 2011, wọ́n fún àwọn agbègbè inú rẹ̀ ní ìpele tó kéré jù àti èyí tó ga jù. Ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ ni wọ́n á wo ìpele rẹ, wọ́n á sì fi ti ibẹ̀ mọ́ láàárín àlà méjèèjì. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, èyí ló wù mí jù kí o mú. Ó jẹ́ kí igbó jẹ́ igbó, kí òkè sì jẹ́ òkè, síbẹ̀ kí méjèèjì mọ̀ pé akọni ti dàgbà.

Ó yá, jẹ́ ká gbé ìkookò rẹ yẹ̀ wò. N kò mọ nọ́ńbà inú géèmù rẹ, nítorí náà mo máa lo tèmi, kí o fi tìrẹ rọ́pò rẹ̀. Ní ìpele 1, idà akọni ń gé 10 kúrò lára ẹ̀mí ọ̀tá, ẹ̀mí ìkookò sì jẹ́ 30. Gígé mẹ́ta ló ń pa á. Akọni ní ẹ̀mí 100, ìkookò ń bù ú ṣán ní 8. Bí ìpele bá ti ń gòkè kọ̀ọ̀kan, agbára idà àti ẹ̀mí akọni ń fi ìdá 12 nínú 100 pọ̀ sí i. Nígbà tó bá fi máa pé ìpele 20, idà rẹ̀ ti ń gé 86, ẹ̀mí rẹ̀ ti di 861.

Tí ìkookò bá dúró sójú kan, gígé mẹ́ta ló ń pa á láti ìpele 1 dé 4, gígé méjì láti 5 dé 10, ó wá di ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti 11 lọ. Ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí ìkookò bá ń fi ìdá 12 kan náà dàgbà pẹ̀lú akọni, gígé mẹ́ta ni ní ìpele 1, gígé mẹ́ta ní ìpele 20, gígé mẹ́ta títí láé. Ibi tí o wà báyìí nìyẹn.

Wo ohun tí èyí ń ṣe sí idà tuntun. Gbà pé akọni rí idà kan ní ìpele 6 tó fi ìdá 25 nínú 100 dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ìkookò bá ń bá a dọ́gba, ohun tó ń gba gígé 3 tẹ́lẹ̀ á wá gba 2.4, kò sì sí ẹni tó lè fi idà gé nǹkan ní ẹ̀ẹ̀méjì àti díẹ̀. Gígé mẹ́ta náà ni. Ẹni tó ń gbá géèmù ń ka iye ìgbà tó fi apá rẹ̀, kò ríran rí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn. Lójú tirẹ̀, idà tuntun náà kò ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń bá ọ dán an wò fi ń ráhùn, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ.

Jẹ́ kí ẹ̀mí ìkookò wá máa rìn ní ìdajì ìṣísẹ̀ akọni. Bí akọni bá gun ìpele méjì, kí ìkookò gun ọ̀kan. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: gígé mẹ́ta láti ìpele 1 dé 8, gígé méjì láti 9 dé 20, gígé kan láti 21. Ní ìpele 20 gan-an, ẹ̀mí ìkookò jẹ́ 88, idà sì ń gé 86, ó ku díẹ̀ kó tó. Idà tuntun tó rí ní ìpele 6 yẹn ńkọ́? Kó tó rí i, gígé mẹ́ta ni. Ọjọ́ tó rí i, ó di méjì lójú ẹsẹ̀. Ó rí èrè rẹ̀ kíákíá, nítorí pé ìpele nìkan ni ìkookò ń wò, kò wo ohun tó wà lọ́wọ́ akọni. Má ṣe jẹ́ kó wò ó láé. Ẹni tó bá so ọ̀tá mọ́ ohun ìjà akọni ti gba ohun ìjà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí o ṣe máa kọ ọ́ nínú Godot 4 nìyí:

```gdscript
func scaled_stat(base: float, player_level: int,
        zone_min: int, zone_max: int, follow: float) -> float:
    var lv := clampi(player_level, zone_min, zone_max)
    return base * pow(1.12, (lv - zone_min) * follow)
```

`base` ni nọ́ńbà tí ìkookò ní ní ìpele tó kéré jù ní agbègbè náà. `zone_min` àti `zone_max` ni àlà méjèèjì, `follow` sì ni ìwọ̀n tí ọ̀tá fi ń tẹ̀lé akọni: 0 túmọ̀ sí pé ó dúró sójú kan, 1 túmọ̀ sí pé ó ń bá a dọ́gba. Fún igbó rẹ, fi `zone_min` sí 1, kí `zone_max` jẹ́ 20. Lẹ́yìn ìpele 20, ìkookò kò ní dàgbà mọ́, akọni á sì kọjá rẹ̀ pátápátá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan gbọ́dọ̀ wà tí ènìyàn á padà sí ibi tí wọ́n ti ń lé e kiri, tí yóò sì rìn gba àárín rẹ̀ kọjá.

Àlà ìsàlẹ̀ kò kéré ní pàtàkì. Tí o bá ní òkè kan tí o fẹ́ kó le, fi `zone_min` rẹ̀ sí 15. Ẹni tó bá gun ibẹ̀ ní ìpele 8 á bá ọ̀tá ìpele 15 pàdé, yóò sì sá padà. Láìsí èyí, gbogbo ibi á rí bákan náà fún un, kò sì ní sí ìdí fún un láti bẹ̀rù ibì kankan.

Nísinsìnyí, eyín ìkookò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà nìyí, nítorí ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún gbogbo nǹkan. Tí ẹ̀mí ọ̀tá bá pọ̀ jù, ìjà á kàn gùn ni, á sì sú ènìyàn. Tí eyín rẹ̀ bá mú, ìjà á kúrú, ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Nítorí náà, mo máa ń fẹ́ kí eyín tẹ̀lé akọni ju bí ẹ̀mí ṣe ń tẹ̀lé e lọ. Fi `follow` ẹ̀mí sí 0.5, kí ti eyín jẹ́ 0.75.

Jẹ́ ká kó ìkookò mẹ́ta bá akọni, kí a sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Gbà pé gbogbo ìkookò tó ṣì wà láàyè ń bù ú ṣán lẹ́ẹ̀kan nígbàkúùgbà tó bá fi idà gé, pé kò wọ ìhámọ́ra, kò sì mu oògùn. Ní ìpele 1, gígé mẹ́ta-mẹ́ta ló ń pa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó pa àkọ́kọ́, wọ́n ti bù ú ṣán lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Èkejì á fi mẹ́fà kún un, ẹ̀kẹta á fi mẹ́ta kún un, ó di 18. Ìgbà 18 lọ́nà 8 jẹ́ 144, ẹ̀mí rẹ̀ sì jẹ́ 100. Ó ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta. Ó dára bẹ́ẹ̀: ní ìpele 1, ìkookò mẹ́ta ni kó sá fún.

Ní ìpele 9, gígé méjì-méjì ni. Ìgbà 12 ni wọ́n á bù ú ṣán, ìkọ̀ọ̀kan sì ti di 16 ó dín díẹ̀. Á pàdánù nǹkan bí 190 nínú ẹ̀mí 248. Ó yè é, ṣùgbọ́n ó ń mí gúlegúle. Ní ìpele 20, ìgbà 12 náà ni, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 40, á pàdánù díẹ̀ lé ní ìdajì ẹ̀mí rẹ̀. Ní ìpele 25, gígé kan ló ń pa ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bù ú ṣán lẹ́ẹ̀mẹ́fà péré, á sì pàdánù bí ìdá 16 nínú 100.

Fi èyí wé ọ̀nà méjì tí o ti gbìyànjú. Tí ìkookò bá dúró sójú kan, ìjà yẹn ní ìpele 20 á gba ìdá 6 nínú 100 lọ́wọ́ akọni, ìyẹn ni pé kò ní fura pé ẹnikẹ́ni bù ú ṣán. Tí ó bá ń bá a dọ́gba, ìkookò mẹ́ta tó pa á ní ìpele 1 á tún pa á ní ìpele 20, bí ẹni pé kò tí ì kúrò lójú kan. Ohun tí o ń wá wà láàárín àwọn méjèèjì: ó kú, ó yè é pẹ̀lú ìnira, ó yè é, ó borí. Ìwọ̀n 0.5 àti 0.75 kì í ṣe òfin o. Tí akọni rẹ bá ń rí ìhámọ́ra tó lágbára gan-an nígbà tó bá yá, eyín lè nílò 0.85. Ṣùgbọ́n má ṣe gbé méjèèjì ga pọ̀. Gbé ọ̀kan, kí o ṣe ìṣirò ìkookò mẹ́ta yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o tó fọwọ́ kan èkejì.

Ìgbà wo ni kí kóòdù ṣe ìṣirò yìí? Nígbà tí ìkookò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, lẹ́ẹ̀kan péré. Fi í sínú `_ready`, má fi í sínú `_process`. Tí o bá ń ṣe é nígbà gbogbo, akọni lè gun ìpele láàárín ìjà, nítorí ìkookò àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ̀mí àwọn méjì tó kù á sì fò sókè lójú rẹ̀. O máa mọ̀ pé èyí ń ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pá ẹ̀mí ọ̀tá bá sún padà láìjẹ́ pé ó wo ara rẹ̀ sàn. Kò sí ohun tó ń bí ènìyàn nínú tó kí ìṣẹ́gun kan sọ ìjà tó kù di líle. Tọ́jú ìpele tí o lò sínú ìkookò náà, kí o sì fi í pamọ́ pẹ̀lú eré tí ènìyàn bá fi pamọ́, kí ẹni tó bá ti géèmù tó sì tún un ṣí má bàa bá ìkookò mìíràn níbẹ̀.

Skyrim máa ń ti ìpele ibì kan pa láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o bá wọ ibẹ̀. Fún ihò àpáta tí ènìyàn ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì parí, ó dára gan-an. Fún igbó rẹ, kò ní ṣiṣẹ́, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń wọ ibẹ̀ ní ìpele 1, bẹ́ẹ̀ ni á sì wà títí. Jẹ́ kí igbó máa tún ìpele wò nígbàkúùgbà tí àwọn ìkookò tuntun bá rọ́pò àwọn tó kú, kí ihò àpáta máa ti tirẹ̀ pa.

Àwọn kan gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá. Guild Wars 2, ní ọdún 2012, kò so ọ̀tá mọ́ ìpele akọni. Akọni ló ń rẹ̀ sílẹ̀ dé ìpele agbègbè tó bá wà. World of Warcraft ní tirẹ̀ fún àwọn agbègbè àtijọ́ rẹ̀ ní àlà ìsàlẹ̀ àti ti òkè ní oṣù kìíní ọdún 2018, kí ọ̀tá máa tẹ̀lé ènìyàn láàárín wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbá eré pọ̀ ni rírẹ akọni sílẹ̀ ti wúlò, kí ọ̀rẹ́ ìpele 60 lè bá ti ìpele 5 rìn. Fún géèmù ẹnì kan bíi tìrẹ, má ṣe é. Ẹni tó jìyà kó tó rí agbára kò ní fẹ́ kí o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà igbó.

Nípa ìrírí tí ìkookò ń fún ni: lo `scaled_stat` kan náà fún un pẹ̀lú 0.5. Tí ìrírí bá dúró sí ti ìpele 1, ẹni tó fi ìdajì ẹ̀mí rẹ̀ jà á máa rò pé o rẹ́ ẹ jẹ. Tí ó bá ń bá akọni dọ́gba, á jókòó sínú igbó tó mọ̀ dáadáa, kò sì ní lọ síwájú.

Ohun tó wà nínú àpótí ńkọ́? Má so ó mọ́ ìpele. Nínú Oblivion, ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ló jẹ́ pé ìpele tí o wà lọ́jọ́ tí o gbà á ló ń pinnu bó ṣe lágbára tó, kò sì ní dàgbà mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá tètè ṣe iṣẹ́ kan á gba idà tó rẹlẹ̀, ẹni tó bá sún un síwájú á gba èyí tó dára. Àwọn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ wá ń fi iṣẹ́ tó dùn jù sílẹ̀ di ìgbà tí ó pẹ́. Idà tí o bá fi sínú àpótí igbó, kí ó jẹ́ idà yẹn fún gbogbo ènìyàn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun abẹ̀mí inú igbó ló yẹ kó dàgbà. Fi nǹkan bí eku tàbí àkekèé sílẹ̀ pẹ̀lú `follow` 0, kí akọni ìpele 20 rí ohun kan tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Tí o bá fẹ́ kí igbó túbọ̀ le fún un, dípò kí o fi ẹ̀mí kún ti ìkookò, mú ìkookò aláwọ̀ mìíràn kan wọ àárín wọn láti ìpele 12, èyí tó ń fò sẹ́yìn kó tó bù ú ṣán, tàbí tó ń ké pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rin tó. Má ṣe bíi ti Oblivion tó lé àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí tí ìkookò àtijọ́ bá ti pòórá, akọni kò ní rí ohun tí yóò fi wọn ìdàgbà ara rẹ̀.

Láti dán an wò, fi eré mẹ́ta pamọ́ ní ìpele 1, 9 àti 20, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú idà àti ìhámọ́ra tí ẹni tó wà ní ìpele yẹn sábà máa ń ní. Jẹ́ kí kóòdù rẹ kọ nǹkan méjì sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí ìkookò bá kú: iye ìgbà tí idà gé e, àti ìdá mélòó nínú 100 ẹ̀mí rẹ̀ tí akọni pàdánù nínú ìjà náà. Gbé eré náà fún àwọn kan náà tó ráhùn, má sọ ohun tí o yí padà fún wọn. Tí gígé bá ń lọ láti mẹ́ta sí méjì, tí ìdá ẹ̀mí tí wọ́n ń pàdánù sì ń dínkù láìdé òdo, o ti rí i ṣe. Tí gígé bá dára ṣùgbọ́n tí wọn kò pàdánù ẹ̀mí kankan, kì í ṣe nọ́ńbà ló kù, ìkookò rẹ ló ń dúró dè wọ́n. Wo bó ṣe ń rìn àti ìgbà tó ń gbà kó tó bù ṣán, kí o tó tún gbé `follow` ga.

Tí ọ̀gá ìkookò kan bá wà ní ìparí igbó tó ní orúkọ tirẹ̀, fi òun sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí kì í yí padà. Ìpele 7 ni èmi ì bá fi í sí. Ẹni tó bá fẹ́ kojú rẹ̀ ní ìpele 4, kó máa bọ̀. Ẹni tó bá padà wá gbẹ̀san ní ìpele 15, jẹ́ kó gbẹ̀san.